Iṣẹ́ Tí Mo Kọ́kọ́ Ń Gbé Fún Òṣìṣẹ́ Nínú Oko Adìẹ

Ẹni tó bá ń sin ẹgbẹ̀rún adìẹ tó ń yé ẹyin ní Adó-Èkìtì, tó ń fún wọn lóúnjẹ fúnra rẹ̀, tó ń ṣa ẹyin, tó ń gbé e lọ sí Ọjà Ọba, tó sì tún ń ṣírò owó lálẹ́, yóò tètè rí i pé apá òun kò ká a mọ́. Iṣẹ́ tó sú wa jù lọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ gbé fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn. Èyí tó ń wáyé lójoojúmọ́, tó ṣeé kà, tí àṣìṣe inú rẹ̀ kò sì lè ju àdánù ọjọ́ kan lọ, ni mo ń kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Ṣíṣa ẹyin àti fífún adìẹ lóúnjẹ nìyẹn. Oògùn àti ọjà àwìn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nítorí ìwọ̀n oògùn kan tí a ṣì lò lè kó bá gbogbo agbo.

Ní ti oúnjẹ, adìẹ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́. Bí àpò bá jẹ́ kílò 25, ẹgbẹ̀rún adìẹ yóò jẹ nǹkan bí àpò mẹ́rin ààbọ̀. Àpò òfìfo ni mo ń kà lópin ọ̀sẹ̀, n kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti ẹyin ló gba ọgbọ́n jù. Ká ní 360 ẹyin ló kù lánàá, tí òṣìṣẹ́ ṣa 800 lónìí, tí 14 fọ́, tí a sì ta kíréètì 30, ìyẹn 900. Ohun tó yẹ kó kù ni 246, èyí tíí ṣe kíréètì mẹ́jọ àti ẹyin mẹ́fà. Èyí tó kù yìí nìkan ni mo ń kà ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó fọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú kíréètì tiwọn títí n ó fi rí wọn, nítorí “Mọ́mì, ó fọ́ ni” jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sọ.

Bí ìwé bá ń sọ pé kíréètì 27 gééré ni a ṣa lójoojúmọ́, ẹ fura, nítorí adìẹ kì í yé ẹyin bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ máa méfò kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹyin bá ń dín kù tí oúnjẹ kò sì dín, ẹ wò ó bóyá adìẹ ló ń mu ẹyin wọn ni, tàbí ẹyin ń gba ẹ̀yìn jáde. Bí oúnjẹ àti ẹyin bá jọ dín, omi ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà àìsàn.

Bí ìṣirò bá ti ń bára mu fún ìgbà pípẹ́, mo ń fi kíkà ẹyin lójoojúmọ́ sílẹ̀, n ó sì máa yọ sí wọn láìsọ tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè fi ìwé dípò rírìn káàkiri ilé adìẹ láàárọ̀, nítorí adìẹ tó ti ń sọ ìyẹ́ sílẹ̀ kò ní hàn nínú iye ẹyin títí di ọjọ́ mélòó kan.