Kẹ́ ẹ tó ná dìsáínà, ẹ kọ́kọ́ bá a ka wákàtí ẹ̀

Ọṣẹ dúdú ni mò ń tà n'Íbàdàn, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé ọṣẹ tuntun jáde ni mo máa ń wá ẹni tó máa bá mi ṣe lébẹ̀lì. Ẹnìkan á ní kí n mú ₦15,000 wá, ẹlòmíì á ní ₦120,000, iṣẹ́ kan náà o!

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí ni pé owó oṣù dìsáínà náà ni mo kọ́kọ́ máa ń bá a ṣírò. Ká ní ó fẹ́ mú ₦300,000 lọ sílé lóṣù, kí dátà, epo jẹnẹrétọ̀ àti áàpù tó fi ń ṣiṣẹ́ sì jẹ ₦60,000, gbogbo ẹ̀ di ₦360,000. Àwọn kan á wá fi wákàtí 160 pín in, pé ṣebí wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ni, ó di ₦2,250. Irọ́ ni. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ ń wá kọ́sítọ́mà, ó ń dá èèyàn lóhùn lórí Wáásáàpù, ó ń sin gbèsè (lọ́wọ́ àwa náà ni o), kò sẹ́ni tó ń sanwó ìyẹn fún un. Tó bá rí wákàtí 90 tẹ́nìkan máa sanwó ẹ̀ lóṣù, ó gbìyànjú. Ẹ wá fi 90 pín ₦360,000, ₦4,000 ni wákàtí kan.

Ó kan lébẹ̀lì. Wákàtí méjì láti jókòó sọ̀rọ̀ kó sì wo tàwọn tá a jọ ń tà, mẹ́fà fún iṣẹ́ gan-an, mẹ́rin fún àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, méjì láti to fáìlì fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́. Mẹ́rìnlá nìyẹn, ₦56,000. Ẹni tó pe ₦15,000, kò tó wákàtí mẹ́rin tó fẹ́ lò, á jẹ́ pé èyí tó ti wà nílẹ̀ ló fẹ́ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́ kó kọ tèmi sí i. Kí n tó sanwó, mo máa ń bi í bóyá ó máa fún mi ní fáìlì tó ṣeé ṣí tún ṣe, tó bá ní JPG nìkan, mo ti mọ̀. Ẹni tó pe ₦120,000 náà, mi ò ní pè é lólè, mo kàn máa bi í pé kí ló wà ńbẹ̀, bóyá ó ti ka páálí mọ́ ọn.

Lébẹ̀lì tá a mọ ibi tó parí sí, owó kan ṣoṣo ni mo máa ń dá lé e, àmọ́ a máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ₦4,000 ni wákàtí kan. Ẹni tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ sórí wẹ́bsáìtì, témi fúnra mi ò tíì mọ nǹkan tí mo fẹ́, wákàtí ni mo ń san fún un, ṣùgbọ́n tó bá ti pé mẹ́wàá kó dúró kó pè mí ná.

Tówó mi ò bá sì tó, iṣẹ́ ni mo máa ń gé, mi ò kí ń gé owó wákàtí. Mo sọ fún ẹnìkan láìpẹ́ yìí pé ₦40,000 ló wà lọ́wọ́ mi, ó ní, “Kò burú mà, ẹ jẹ́ á mú ẹyọ àtúnṣe kan, kẹ́ ẹ fúnra yín ti mú kọ́lọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wá, mi ò ní ya oríṣi méjì fún yín.” Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo san ìdajì, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.