Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa lẹ́tà tí a fi ń tọrọ àfikún ọjọ́ lórí owó ọjà tí a gbà láwìn

Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré máa ń kọ nígbà tí owó ọjà bá fẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn kì í ní ọjọ́ kankan nínú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láàyè díẹ̀ sí i, nǹkan le." Kò sí ohun tí ẹni tó kà á lè fi ṣe. Kò mọ iye tó ń bọ̀, kò mọ ìgbà tó ń bọ̀, kò sì ní ohun tó lè fi han ọ̀gá rẹ̀. Lójú tèmi, iye owó àti ọjọ́ tí akọ̀wé owó lè kọ sínú ìwé rẹ̀ ni ẹ̀mí lẹ́tà náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ronú kan ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀.

Àkókò ló ṣáájú. Ó yẹ kí lẹ́tà dé nígbà tí ọjọ́ ìsanwó kò tíì pé, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ilé-iṣẹ́ tó ń tà láwìn máa ń pín gbèsè tó wà níta sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, èyí tó ti fi ọjọ́ 1 sí 30 kọjá, 31 sí 60, 61 sí 90, àti èyí tó ti lé ní 90. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ yín ṣì wà ní ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, ẹni tó ń ta ọjà fún yín ṣì lè gbẹnu sọ fún yín. Tó bá ti bọ́ sí èkejì, ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ pé gbígba gbèsè ni iṣẹ́ rẹ̀, kọ̀ǹpútà wọn sì lè dá ọjà yín dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bínú sí yín.

Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí ẹni tó ń tọrọ. Àwọn kan nínú àwọn tó ń kó ọjà fúnni láwìn ti ra ìdójútòfò sórí gbèsè àwọn oníbàárà wọn. Irú ìdójútòfò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ iye ọjọ́ tí wọ́n lè fi kún ọjọ́ ìsanwó fúnra wọn. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹni tó bá tọrọ oṣù mẹ́ta lè gba "rárá" níbi tí ẹni tó tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti máa gba "ó dáa". Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọjọ́ mélòó lẹ lè fi kún un láì gbàṣẹ lókè?" Ìdáhùn yẹn ni yóò jẹ́ ààlà ohun tí ẹ máa kọ.

Wàyí o, ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e dópin. Ínfọ́ìsì yín jẹ́ 1,200,000 ní owó tí ẹ ń ná. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ni wọ́n kọ ọ́, ọjọ́ 30 ni wọ́n fún yín, ó sì máa pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Oníbàárà ńlá kan jẹ yín ní 600,000, ó sì ní òun yóò san án ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin.

Ẹ fa ìlà sórí ìwé, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ kọ owó tó ń wọlé, ẹ yọ owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ilé, owó iná àti owó orí. Ká ní ohun tó ṣẹ́kù lọ́sẹ̀ kan jẹ́ 70,000. Ẹ má ṣèlérí 70,000 o. Ẹ ṣèlérí 50,000, nítorí pé ọ̀sẹ̀ kan á wà tí ọjà kò ní tà tàbí tí ẹ̀rọ kan á bàjẹ́. Ẹ wo ìwé yín àtẹ̀yìnwá fún oníbàárà ńlá yẹn: tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ló sábà máa ń fi kọjá ọjọ́ tó dá, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ rẹ̀ ní tòótọ́, kì í ṣe ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ kan kún un fún ìdádúró báńkì, ó di ọjọ́ 12. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìlérí ti ń yẹ̀: ẹni tó ń tọrọ á dá ọjọ́ tí owó yóò dé sọ́wọ́ rẹ̀ gan-an fún ẹni tó jẹ, ẹni kẹta á pẹ́, òun náà á sì di ẹni tó pẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo iye tó wà ní báńkì. Ẹ yọ owó ìnáwó ọ̀sẹ̀ méjì sọ́tọ̀, kí ẹ wo ohun tí ẹ lè san lọ́jọ́ tí lẹ́tà ń lọ. Ká ní ó jẹ́ 300,000, ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo gbèsè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní 50,000 á fún yín ní 200,000 ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i á mú 100,000 wá. Ẹ fi kún 600,000 ti oníbàárà, 700,000 nìyẹn ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún. Àpapọ̀ rẹ̀ pé 1,200,000, ìsanwó tó kẹ́yìn sì fi ọjọ́ 42 kọjá ọjọ́ tó yẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé. Lẹ́tà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀ tán.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé. Ẹni tó ń ta ọjà fún yín ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka akáńtì wọn lọ́jọ́ kan náà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i.

"Ọjọ́ 24, oṣù Kẹta.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ọ̀rọ̀ lórí ínfọ́ìsì nọ́ńbà 0417, 1,200,000, tó máa pé ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfọkàntán. A ti gba ọjà inú ínfọ́ìsì yìí pé, kò sì sí àríyànjiyàn kankan lórí rẹ̀. Oníbàárà wa kan tó yẹ kó san owó fún wa lóṣù yìí ti sún un sí oṣù Kẹrin, ìdí nìyẹn tí a kò fi ní lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

A ti san 300,000 lónìí. Ẹ̀rí ìsanwó báńkì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. A ń bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí a san ìyókù báyìí: 200,000 ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, àti 700,000 ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún. Títí a ó fi san án tán, owó lọ́wọ́ la ó fi máa ra ọjà tuntun, kí gbèsè wa má bàa pọ̀ sí i.

A tún bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ má ṣe bu èlé ìdádúró lé e bí a bá pa àwọn ọjọ́ wọ̀nyí mọ́, kí ẹ sì kọ àdéhùn náà sínú kọ̀ǹpútà yín kí ọjà wa má bàa dúró. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé dá wa lóhùn kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹta."

Ẹ wò ó pé gbólóhùn kan péré ni ìdí gbà. Ẹni tó bá ṣàlàyé ìṣòro rẹ̀ fún ojú ìwé kan gbáko ń jẹ́ kí wọ́n máa bi ara wọn bóyá òwò rẹ̀ ti ń kú lọ. Gbólóhùn owó lọ́wọ́ ló wúwo jù lọ nínú lẹ́tà náà, nítorí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í ṣe 900,000 tó kù nìkan. Wọ́n ń bẹ̀rù kí ẹ tún gba ọjà sí i lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ tí ẹ kò bá tíì yọ owó ọjà tuntun yẹn nínú ìṣirò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, 50,000 yẹn kò lè dúró.

Gbólóhùn pé kò sí àríyànjiyàn náà nílò ìṣọ́ra. Lẹ́tà yìí jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ gbà pé ẹ jẹ gbèsè, ní ọ̀pọ̀ ibi sì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti máa ń jẹ́ kí iye ọdún tí wọ́n fi lè pe ẹjọ́ gbèsè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tí ọjà kan bá bàjẹ́ tàbí tí kò pé, ẹ kọ lẹ́tà mìíràn fún ìyẹn, kí ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tọrọ ọjọ́ lórí ìyókù nìkan. Ẹ má ṣe da ẹ̀sùn pọ̀ mọ́ ẹ̀bẹ̀. Wọ́n á rò pé ẹ̀sùn náà jẹ́ àwáwí.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ṣẹ́ẹ̀kì tó ní ọjọ́ iwájú lórí ṣe ẹ̀rí, ẹ ro ó dáadáa. Àwọn ibì kan wà tí ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì dá padà ti lè di ẹjọ́ ọ̀daràn. Èmi á sọ pé kí ẹ fún báńkì yín láṣẹ láti san apá tó kéré nínú ìyókù fún wọn lọ́jọ́ rẹ̀, kí ẹ má fi ṣẹ́ẹ̀kì dúró fún owó tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Dídákẹ́ wọn kì í ṣe gbígbà. Tó bá di ọjọ́ 29 tí ẹ kò rí èsì, ẹ pè wọ́n. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ní "kò séwu", ẹ kọ í-meèlì lójú ẹsẹ̀: "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ lónìí, ẹ ti gbà pé..." kí ẹ tún kọ ọjọ́ àti iye wọn jáde. Ẹni tó gbà á lẹ́nu lè lọ fún ìsinmi lọ́la, kí ẹlòmíràn jókòó sídìí tábìlì rẹ̀ láìmọ nǹkan kan.

Nígbà ìsanwó, ẹ kọ nọ́ńbà 0417 sínú àlàyé owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ní báńkì, nígbà kọ̀ọ̀kan. Owó tí kò ní nọ́ńbà lè lọ sórí ínfọ́ìsì mìíràn tàbí kó kàn jókòó láìní ilé, nígbà tí 0417 ṣì ń hàn bí ẹni pé ẹ kò san nǹkan kan. Tí ọjà yín bá dúró lójijì lẹ́yìn tí ẹ ti san apá kan lásìkò, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Tí ẹ bá rí i pé oníbàárà ńlá kò ní mú owó wá kí ọjọ́ 12 tó pé, ẹ ti sọ fún wọn ní ọjọ́ 7. Ẹ san 100,000 tó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ 12 náà, kí ẹ sì dá ọjọ́ kan ṣoṣo fún 600,000 tó kù. Tí ẹ bá san án tán, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo owó yín ránṣẹ́, kí ẹ rí i pé òdo ló wà níwájú 0417, àti pé kò sí èlé ìdádúró tó ń dá dúró sí ìlà ìsàlẹ̀.