Iye tó ń tàn lójú ẹ̀rọ yín ti di àná

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìpín ìdókòwò nìyí: iye tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ yín, kò sẹ́ni tó ṣèlérí pé òun máa tà á fún yín ní iye yẹn. Iye tí àwọn méjì kan fi rà tí wọ́n sì fi tà kẹ́yìn ni. Òwò tiwọn ti parí. Àwọn tó ṣì ń dúró lórí ìlà ni kí ẹ wò.

Ìlà méjì ló wà fún ìpín iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fẹ́ rà wà lápá kan, kálukú ti sọ iye tí òun ò ní san kọjá. Àwọn tó fẹ́ tà wà lápá kejì, àwọn náà ti sọ iye tí wọn ò ní gbà kó dín sí. Kọ̀ǹpútà ọjà ló ń tò wọ́n. Nínú àwọn tó fẹ́ rà, ẹni tó máa san jù ló wà níwájú. Nínú àwọn tó fẹ́ tà, ẹni tó máa gba èyí tó kéré jù ni. Bí ẹni méjì bá dá iye kan náà, nínú ọ̀pọ̀ ọjà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ṣáájú. Ibi tí iye apá méjèèjì bá ti pàdé ni òwò ti wáyé. Bí wọn ò bá pàdé, kálukú á máa dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà tó wà níwájú ń san 100, ìpín 400 ló sì fẹ́. Ní apá àwọn tó fẹ́ tà, 300 wà ní 101, 500 wà ní 102, lẹ́yìn náà kò tún sí nǹkan kan àfi 1,000 tó wà ní 105. Ẹnì kan wá dé, ó ní kí wọ́n ra 1,000 fún òun ní iyekíye tí wọ́n bá ti rí i. Kọ̀ǹpútà á kó 300 ní 101, á kó 500 ní 102, á sì mú 200 tó kù ní 105. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 102,300, ìyẹn 102.30 lórí ìpín kan. Lójú ẹ̀rọ, ohun tí gbogbo ayé rí ni 105.

Ká ní ẹlòmíì rí 105 yẹn, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí wọ́n ta 100 nínú tòun lójú ẹsẹ̀. Ta ló fẹ́ rà á? Ẹni tó ń san 100 ló ṣì wà níwájú. Iye já láti 105 sí 100, bẹ́ẹ̀ kò sí ìròyìn kankan, kò sóhun tó ṣe iléeṣẹ́ náà.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà nígbà tí wọ́n bá ní iye lọ sókè torí pé àwọn tó ń rà pọ̀ ju àwọn tó ń tà lọ. Ìpín 1,000 tí wọ́n rà náà ni 1,000 tí wọ́n tà. Èyí tó yẹ ká bi ara wa ni pé, ta ló ń kánjú? Ẹni tó bá kánjú ló máa ń lọ bá ẹnì kejì ní iye tiẹ̀, tó sì máa ń jẹ ìlà tán.

Ìròyìn ní tiẹ̀ lè má dúró de ìyẹn. Bí iléeṣẹ́ bá kéde èrè tó ju ohun tí àwọn èèyàn ń retí lọ, àwọn tó fẹ́ tà ní 101 á yára fa ọwọ́ sẹ́yìn, àwọn tó fẹ́ rà á fi kún tiwọn. Òwò tó máa kọ́kọ́ wáyé lẹ́yìn náà lè jẹ́ ní 110, kó sì jẹ́ pé ìpín díẹ̀ péré ló kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì.

Èyí tó burú jù ni kí ìlà ṣófo. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń dúró láti rà kó ọ́dà wọn, ìyẹn iye àti ìpín tí wọ́n ti fi sórí ìlà pé àwọn fẹ́ rà, kúrò láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ìpín Accenture, tó wà ní nǹkan bíi dọ́là 40, bọ́ sí sẹ́ǹtì kan ṣoṣo, torí pé ọ́dà sẹ́ǹtì kan tí wọ́n kàn fi síbẹ̀ láìretí pé ẹnikẹ́ni máa kàn án ló kù lórí ìlà. Àwọn ọjà fagi lé àwọn òwò tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ẹ má retí irú àánú yẹn fún ìyàtọ̀ kékeré.

Nítorí náà, mo máa ń kọ iye tí mi ò ní kọjá sórí ọ́dà mi, pàápàá tí mo bá rí i pé àlàfo tó wà láàárín ìlà méjèèjì fẹ̀. Ó lè má bọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn: tí ẹ bá yí iye yín padà, tàbí tí ẹ bá fi kún ìpín tí ẹ fẹ́, ẹ̀yìn ìlà lẹ máa padà sí nínú ọ̀pọ̀ ọjà. Tí ẹ bá dín in kù nìkan, ẹ sábà máa ń wà ní àyè yín.