Aláṣọ funfun tí mo fi ọmọ-orógùn lù

Àbẹ̀ní, ọmọ mi,

Ìyá rẹ pè mí láàárọ̀ àná. Ó ní láti ọjọ́ Ajé lo ti ń tan iná sùn, pé aláṣọ funfun kan wá dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ lóru, kò lójú, kò nímú, ó kàn ń wò ọ́. (Ohun tí kò lójú ni ó ń wò ọ́! Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, má bínú.) Ó ní o fẹ́ dìde, ara kọ̀. O fẹ́ pariwo, ohùn kò jáde. Nígbà tí ó gbé fóònù fún ọ, ẹkún lo ń sun, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà ò sì jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan kan yàtọ̀ sí "Màmá àgbà, Màmá àgbà". Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ìwé kì í já lórí afẹ́fẹ́.

Èmi náà ti rí aláṣọ funfun rí. Mo lù ú pẹ̀lú. N kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí, torí kò níí lè pa á mọ́ra.

Ọdún 1963 ni, èmi náà jẹ́ ọmọ ọdún 15 bíi tìrẹ. Lọ́dọ̀ ìyá àgbà tèmi ni mo ń gbé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ láfún sì ni ìyá náà ń ṣe, tí a ń gbé e lọ tà ní Ọjà Jagun. O ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ láfún, ìwọ tí wọ́n ń ro àmàlà fún. A óò bó pákí, a óò rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò sì máa lé àlejò. A óò yọ okùn inú rẹ̀, a óò fún omi rẹ̀ dànù, a óò wá sá a sórí àpáta títí yóò fi gbẹ kangan. Lẹ́yìn náà ni gígún nínú odó, lẹ́yìn gígún ni kíkù. Ẹni tó bá ń ku láfún, kì í pẹ́ tí irun rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ àti ihò imú rẹ̀ yóò fi funfun. Fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú, ìyá àgbà sì ń bẹ̀rù kí ó má baà lu láfún òun. Òru méjì tẹ̀ léra ni a fi gún un. Lọ́jọ́ kẹta, ó wò mí, ó rí i pé mo ti ń tòògbé lórí odó, ó ní kí n lọ sùn, òun á ku ìyókù. Mo wọlé, mo nà gbalaja sórí ẹní, mo dojú kọ àjà, n kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́.

N kò mọ iye àkókò tó kọjá. Mo ṣáà la ojú mi. Mo rí inú yàrá, mo rí ojú fèrèsé tí òṣùpá ń tàn gbà wọlé, mo sì rí nǹkan funfun kan lára ògiri, ó ga, kò lójú, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń rò ó bóyá kí òun máa bọ̀. Mo fẹ́ gbé ọwọ́, ọwọ́ kò gbé. Ó dà bíi pé ẹnì kan gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé mi láyà. Mo pe "Ìyá o!" nínú ọkàn mi bí ìgbà ogún, ètè mi kò gbọ̀n.

Lójijì, ara mi tú sílẹ̀. Mo fò dìde jókòó. Ìgbà yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn ṣí, aláṣọ funfun kejì sì wọlé tọ̀ mí wá, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, orí rẹ̀ tóbi ju ti ènìyàn lọ.

Àbẹ̀ní, n kò gbàdúrà. Ọmọ-orógùn tó fẹ̀yìn ti ògiri ni mo gbá mú, mo sì fi lu orí ńlá náà gbàá!

Ó dún bí agogo. Abọ́ páànù ni mo lù, abọ́ tí ìyá àgbà ru wọlé nítorí pé òjò ti ń kán. Láfún tí a ti kù tán wà nínú rẹ̀, ó kún dé ẹnu. Gbogbo rẹ̀ dà lé àwa méjèèjì lórí, iyàrá kún fún ìkùukùu, èmi náà sì di aláṣọ funfun. Ìyá àgbà ń wúkọ́, ó ń kígbe pé, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Kí ni mo ṣe fún ọ?" Èmi ń kígbe pé, "Ẹ má mú mi lọ, ẹ má mú mi lọ!"

Bàbá ọdẹ àdúgbò wa gbọ́ ariwo, ó gbé àtùpà sáré wọlé. Ó rí funfun méjì tí wọ́n di ara wọn mú, tí wọ́n ń wúkọ́. Kò bi wá léèrè ọ̀rọ̀. Bàtà rẹ̀ kan la bá lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó ní òun lọ pe ènìyàn wá ni. A kò rí ènìyàn kankan tó pè.

Wàyí o, ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ wà nínú ohun tí ìyá àgbà ṣe lẹ́yìn èyí. Nígbà tó bú mi tán, ó ní, "Èmi nìyẹn tó wọlé. Àkọ́kọ́ ńkọ́?" Mo ní ògiri ló wà. Kò pariwo, kò pe atúmọ̀ àlá kankan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní kí n dùbúlẹ̀ síbi tí mo sùn sí gan-an, ó ṣí fèrèsé, ó fẹ́ àtùpà pa, ó ní, "Wo ògiri." Ìró funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìn ni, ó sá a sórí okùn nínú ilé nítorí òjò. Afẹ́fẹ́ fèrèsé ń mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wò ó títí, títí ìró fi padà jẹ́ ìró lójú mi.

Ti ara tó kọ̀ láti dìde, ìgbà tí mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo tó mọ̀ ọ́n. Oorun kò rí bákan náà láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí 90, a máa ń bọ́ sínú irú èyí tí àlá ti ń pọ̀, ti ìdájí ló sì máa ń gùn jù. Nínú oorun àlá yìí, ọpọlọ máa ń ti apá àti ẹsẹ̀ pa, kí ẹni tó lálàá pé òun ń sáré má baà fi orí sọ ògiri. Nígbà mìíràn, ojú á ti jí, ṣùgbọ́n ara kò tíì gbọ́ pé ilẹ̀ mọ́. Ìwọ ń rí yàrá rẹ, àlá náà kò sì tíì tán, ó wá ń ya àwòrán tirẹ̀ sórí ohunkóhun tó bá rí níbẹ̀. Àyà tó wúwo yẹn, mímí rẹ ń lọ geere; mímí gígùn tí o fẹ́ fi tipátipá fà ni kò ṣeé fà. Kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, tàbí ìṣẹ́jú kan sí méjì, bó tilẹ̀ ń ṣe ènìyàn bí ọdún kan. Àìsùn tó máa ń fà á, dídojú kọ àjà sùn náà sì máa ń fà á. Òru méjì ni mo fi gún láfún. Ìyá rẹ ní ìwọ ń kàwé ìdánwò títí di aago méjì òru, o sì ń jí ní márùn-ún.

Mo gbọ́ pé obìnrin ilé kejì yín ti túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. Ó ní ańgẹ́lì ni. Ẹnì kan tún ní Òrìṣà-ńlá ló ń pè ọ́ torí àlà, ẹlòmíràn ní òkú ni. Aṣọ kan tó bá ẹni mẹ́ta mu, ṣé ẹnikẹ́ni wà tí wọ́n tilẹ̀ rán an fún? Èmi fúnra mi wọ funfun lóru fún ọgbọ̀n ọdún ní wọ́ọ̀dù. Bàbá kan tí ibà dì mú la ojú ní aago méjì òru, ó rí mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi di ọjọ́ Ẹtì, mo jẹ ẹnì kan lówó." Mo fún un lóògùn.

Bi ara rẹ léèrè báyìí: kí ló kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ? Mo ti bi ìyá rẹ. Ó ní aṣọ kọáyà rẹ ni, pé ọjọ́ Àìkú lo lọ̀ ọ́ tí o sì fi kọ́ síbẹ̀. Ṣe ohun tí ìyá àgbà mi ṣe: dùbúlẹ̀ ní alẹ́, kí ìyá rẹ dúró tì ọ́, pa iná, wo ibẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, gbé aṣọ náà sínú wọ́dúróòbù. Fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Pa ìwé dé ní aago mẹ́wàá. Kò sí ìdánwò tí wọ́n fi ojú pípọ́n yege.

Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, má bá gbogbo ara jà, ìjà yẹn ló ń mú ẹ̀rù pọ̀. Gbájú mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, máa gbìyànjú láti mì í, máa mí bó ṣe ń mí. Bí ara bá tú sílẹ̀, má tún sùn lójú ẹsẹ̀, torí ó lè padà wá. Jókòó, fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, mu omi díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń wá léraléra, tí oorun sì ń gbé ọ lọ lọ́sàn-án láàárín ọ̀rọ̀, tàbí tí wọ́n bá rí i pé ara rẹ ń gbọ̀n jìgìjìgì lóru, tí o gé ahọ́n rẹ jẹ tàbí tí o tọ̀ sílé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ kọáyà mọ́. Kí ìyá rẹ mú ọ lọ rí dókítà, kí ó sì pè mí.

Mo fi láfún ránṣẹ́ sí yín, àpò kan. Awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Ẹtì ni mo gbé e fún ní Tákíè. Mo fi ọ̀rá méjì dì í. Má tú u lálẹ́, má sì jẹ́ kí ìyá rẹ rù ú wọ yàrá rẹ kí ó tó kan ilẹ̀kùn.

Èmi ni,
Màmá àgbà rẹ, Ògbómọ̀ṣọ́