Ìṣirò mẹ́ta péré: ohun tí mo kọ́ nípa ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí ìyọkúrò oníyíyá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ olùkọ́, orí ìṣirò kan ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀: 52 − 27. Òun ni mo kọ sójú pátákó láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rán àwọn ọmọ pírámárì kẹta mi létí ìyọkúrò oníyíyá, kí a tó wọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ọmọ 46 ló wà ní kíláàsì. Nígbà tí mo gba ìwé wọn wò, 19 nínú wọn ló kọ 35.

Mo rò pé mo ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo ní wọ́n kàn ń yọ kékeré kúrò nínú ńlá ni, pé wọ́n rí 2 lókè, wọ́n rí 7 nísàlẹ̀, wọ́n sì yí i dà, wọ́n yọ 2 nínú 7. Mo wá fi odindi ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ṣàlàyé fún wọn pé ti òkè la ti ń yọ ti ìsàlẹ̀, a kì í yí i dà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, bí mo ṣe bá wọn ni wọ́n ṣì wà. Ìgbà yẹn ni mo jókòó ti ọmọbìnrin kan, mo ní kó ṣe é fún mi, kó máa sọ ọ́ bó ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Àǹtí, mi ò lè yọ 7 nínú 2. Mo yá ọ̀kan lọ́wọ́ 5, 2 wá di 12. Mo yọ 7 nínú 12, ó ku 5. Mo yọ 2 nínú 5, ó ku 3."

Ọmọ yìí mọ yíyá. Kò yí nǹkan kan dà. Ohun tó gbàgbé ni pé 5 tó yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ti di 4. Àìsàn tí kò ṣe é ni mo ti ń fún un lóògùn láti àná.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀bi mi wà. Ẹni tó yí i dà yóò yọ 2 nínú 7, yóò rí 5. Ẹni tó yá, tó sì gbàgbé láti dín ti òkè kù, yóò yọ 7 nínú 12, yóò rí 5 bákan náà. Àwọn méjèèjì yóò kọ 35. Ìṣirò tí mo yàn ni kò jẹ́ kí n rí ìyàtọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí nígbàkígbà tí àlàfo àárín àwọn nọ́ńbà méjèèjì nílé ẹyọ bá jẹ́ 5: 2 àti 7, 3 àti 8, 1 àti 6, 4 àti 9. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sá fún wọn.

Ẹ wá fi 52 − 28 rọ́pò rẹ̀. Ìdáhùn tó tọ́ ni 24. Ẹni tó yí i dà yóò kọ 36. Ẹni tó gbàgbé láti dín 5 kù yóò kọ 34. Ẹ kò tíì bi ọmọ kankan léèrè, ìdáhùn rẹ̀ ti sọ ohun tó ṣe.

Ìdáhùn kẹrin wà tí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i: 14. Ilé ló ti ń wá. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa, pàápàá àwọn ìyá àgbà, ni wọ́n kọ́ ní ìgbà tiwọn pé kí wọ́n yá ọ̀kan fún nọ́ńbà òkè, kí wọ́n sì san án padà nísàlẹ̀. Wọn kì í fọwọ́ kan 5 rárá. 2 tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ di 3. Wọn yóò yọ 8 nínú 12, ó ku 4, wọn yóò yọ 3 nínú 5, ó ku 2, wọ́n dé 24 bíi tiwa. Ọ̀nà náà tọ̀nà dáadáa, torí pé 10 ni wọ́n fi kún nọ́ńbà méjèèjì, àlàfo àárín wọn kò sì yí padà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́ tilé tó tún gbọ́ ti ilé-ìwé yóò sọ 5 di 4, yóò tún sọ 2 di 3, yóò wá kọ 14. Ẹ má sọ fún un láéláé pé ìyá rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó mú ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì, kó sì dúró lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà "yá" pàápàá wà lára ohun tó ń fa èyí. Ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ẹni tó bá yá nǹkan gbọ́dọ̀ dá a padà. Nígbà tí a bá ní kó yá ọ̀kan, tí a kò sì ní kó san án, ó ń wá ibi tí yóò ti san án. Mo ṣì ń lo "yá" nítorí òun ni wọn yóò bá nínú ìwé àti nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n "tú" ni mo fi ń ṣíwájú rẹ̀: tú ìdì kan tó ní mẹ́wàá nínú sí ẹyọ. Ohun tí wọ́n tú kò ní gbèsè lọ́rùn.

Bí mo ṣe wá ń to ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà nìyí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìṣirò mẹ́fà ni mo máa ń kọ. Àwọn ọmọ á fi ìdajì àkókò dà á kọ, aago á lù kí a tó yẹ ọ̀kan wò. Mẹ́ta ni mo ń kọ báyìí, mo sì ti kọ wọ́n sójú pátákó kí wọ́n tó wọlé: 68 − 25, 52 − 28, 304 − 128. Inú ìwé alápòótí kéékèèké ni kí wọ́n ti ṣe é, kí ẹyọ má baà yẹ̀ sílé ẹ̀wá.

Ìṣẹ́jú kìíní, ẹnikẹ́ni kò ní mú pẹ́ńsù. Mo máa béèrè lẹ́nu, wọn á sì fi ìka dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: a yọ 8 nínú 12, ó ku mélòó? A yọ 8 nínú 14 ńkọ́? Ohun tí wọ́n fẹ́ lò nínú ìṣirò wọn gan-an nìyẹn. Ọmọ tó bá na ìka mẹ́ta fún 12 àti 8, ìyọkúrò orí ni ìṣòro tirẹ̀, kì í ṣe yíyá. Bí n kò bá mọ èyí ṣáájú, mo lè rí 23 nínú ìwé rẹ̀, kí n máa wá ohun tí kò sọnù.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó tẹ̀ lé e ni tiwọn. Ìṣirò àkọ́kọ́ kò nílò yíyá, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni. Bí gbogbo ìṣirò bá jẹ́ ti yíyá, ọmọ á kàn máa yá láìronú. Ẹni tó bá yá níbi 68 − 25 yóò bá 13 pàdé nílé ẹyọ, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò sì gbé 313 wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí i, àwọn méjèèjì ló sì ṣe 52 − 28 dáadáa.

Ìkẹta wà fún àwọn tó yára, nítorí òdo tó wà láàárín rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 176. Bí ẹ bá rí 186, ọmọ náà sọ òdo di 10, kò sì rántí pé òdo náà ti fún ilé ẹyọ ní ọ̀kan, ó yẹ kó ku 9. Bí ẹ bá rí 276, ó kọ 9 bó ṣe yẹ, àmọ́ ó gbàgbé pé 3 ló tú ìdì sílẹ̀. N kì í ṣàlàyé èyí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo kàn ń wò ó, mo sì ń fi í sí ẹ̀kọ́ ọjọ́ mìíràn.

Bí wọ́n bá ṣe ń kọ ọ́ ni mo ń rìn láàárín wọn, ìṣirò kejì nìkan ni mo sì ń wò. Mo ní ìwé pélébé kan lọ́wọ́ tí mo kọ 24, 36, 34 àti 14 sí lórí. Mo kàn ń fa ilà sábẹ́ èyí tí mo bá rí. N kì í sàmì "ó tọ́" tàbí "kò tọ́". Bí mo bá fi máa dé ẹ̀yìn kíláàsì, mo ti mọ èyí tó pọ̀ jù, òun nìkan ni mo sì máa fi ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kù bójú tó.

Igi ìgbálẹ̀ ni mo ń lò. Mo ti gé e dọ́gba, mo sì ti fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá mẹ́wàá látàárọ̀. Ẹ kà á fúnra yín: mo ti gbé ìdì tó ní mẹ́sàn-án wọ kíláàsì rí, ó ku 23 lórí tábìlì, àwọn ọmọ tó kọ 24 sì ń pa tiwọn rẹ́. Mo máa to ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì sílẹ̀, ọmọ kan á jáde wá láti mú 28. Kò rí ẹyọ mẹ́jọ mú, á tú ìdì kan. Ibí yìí ni mo ti máa ń dúró. Mo máa bi wọ́n pé, "Igi mélòó ló wà lórí tábìlì báyìí?" Àwọn kan á ní 42, àwọn kan á ní 62. Ẹ má kánjú dáhùn fún wọn; ẹ jẹ́ kí ọmọ náà kà á. 52 náà ni. Ìdì mẹ́rin àti ẹyọ 12 ni 52. Bí ó ṣe ń tú u lọ́wọ́ ni kí ọmọ kejì máa fagi lé 5 lójú pátákó, kó kọ 4 sórí rẹ̀, kí ojú rí i pé ìdì tí wọ́n tú kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mo ti dán owó wò. Ó dára fún ṣíṣẹ́ ₦100 sí ₦10 mẹ́wàá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò mọ ₦1 lójú, nítorí náà kò wúlò nílé ẹyọ.

Ẹ̀yin tó ń fi Yorùbá kọ́ni, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ nọ́ńbà. Orúkọ 28, méjìdínlọ́gbọ̀n, fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìyọkúrò: 2 dín ní 30. Mo pe é fún wọn kọ nígbà kan, ọmọ kan sì kọ 32, nítorí 30 àti 2 ló gbọ́. Lẹ́yìn tí mo bá ti pe orúkọ rẹ̀, mo máa ń fi kún un pé, "ìdì méjì, ẹyọ mẹ́jọ."

Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, mo máa ń dáwọ́ dúró, kódà bí ọmọ márùn-ún ṣì wà lórí 34. Orúkọ wọn ti wà lẹ́yìn ìwé pélébé náà; mo máa pè wọ́n jókòó tì mí nígbà tí àwọn yòókù bá ń ṣe iṣẹ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, 71 − 34 ni mo máa ń gbé wá. 37 ló tọ́. 43, 47 àti 27 ni kí ẹ kọ sórí ìwé pélébé yín.