Oṣù kan sí ìdánwò káńsù: ẹ wo ibi tí máàkì ti ń jò

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ń ka nọ́ọ̀sì l'Ákùúrẹ́, tó bá ti ku oṣù kan kẹ́ ẹ jókòó fún ìdánwò káńsù, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ ìwé láti ojú ewé kìíní mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ oṣù yẹn ni kẹ́ ẹ ti ṣe mọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ tó tún ṣí ìwé kankan. Ẹ fi 100 ìbéèrè ṣe é, kẹ́ ẹ sì máa wo aago. Ẹ fi bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ máa kọ nọ́ńbà ìbéèrè tí ẹ kàn méfò sí i. Èyí tí ẹ méfò tó sì bọ́ sí i, ẹ kà á mọ́ èyí tí ẹ ò mọ̀, torí ó lè má bọ́ sí i lọ́jọ́ ìdánwò.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín èsì náà sí orí-ọ̀rọ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan gba 8 nínú 10 lórí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, 5 nínú 10 lórí àtọ̀gbẹ, 3 nínú 8 lórí ìṣirò oògùn àti omi, àti òdo nínú 2 lórí náàfù orí. Òdo yẹn ló máa ń dẹ́rù ba èèyàn jù, tí ẹlòmíì á sì lo ọjọ́ mẹ́ta lórí náàfù 12. Bẹ́ẹ̀ máàkì 2 péré ló sọnù níbẹ̀, ìbéèrè méjì ò sì tó láti fi mọ̀ bóyá èèyàn mọ orí-ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jẹ́ kó di mọ́ọ̀kì kejì.

Àtọ̀gbẹ àti ìṣirò, máàkì 5-5 ni wọ́n jẹ. Èwo la máa kọ́kọ́ mú? Ẹ wo ohun tó fa àṣìṣe náà. Ẹ mú ìbéèrè yìí: 1000 mílílítà omi fún wákàtí 8, tí ẹ̀kán 20 jẹ́ mílílítà kan, ẹ̀kán mélòó ní ìṣẹ́jú kan? Tí ìdáhùn yín bá jẹ́ 2500, ẹ ò sọ wákàtí di ìṣẹ́jú ni. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480: 1000 × 20 ÷ 480 = 41.67, ìyẹn 42. Tó bá jẹ́ ohun kan yìí ló ba márààrún jẹ́, ìrọ̀lẹ́ kan àti ìbéèrè 20 ti tó. Òun ló ń ṣáájú.

Àtọ̀gbẹ máa gba ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, torí ohun méjì tó jọra ló ń dàrú mọ́ra. Tí ṣúgà bá já wálẹ̀ ju 4 mmol/L lọ, kíá ló ń ṣẹlẹ̀: ara á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bo aláìsàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú. Tí kò bá tíì dákú, tó sì lè gbé nǹkan mì, gírámù 15 ṣúgà ni, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Tó bá ti dákú, ẹ ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Tí ṣúgà bá ga débi tí májèlé kítòònù fi kún ẹ̀jẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀: òùngbẹ, ìtọ̀ léraléra, mímí tó jinlẹ̀ tó sì yára, èémí tó ń rùn bí èso. Ẹ kọ méjèèjì sórí bébà kan, kí wọ́n dojú kọra. Kíkà wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n dàrú.

Ní ti ìṣètò, mọ́ọ̀kì mẹ́rin tó: ọjọ́ 1, 11, 19 àti 25. Àwọn kan ń ṣe é lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n máàkì wọn kì í kúrò lójú kan, torí wọn kì í ráyè yẹ àṣìṣe wò. Àtúnyẹ̀wò yóò gbà tó ìlọ́po méjì àkókò tí ẹ fi ṣe mọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún àwọn tí ẹ kùnà ṣe láìwo ìdáhùn. Ẹ ṣe mọ́ọ̀kì ní aago tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà. Tí iná bá ṣẹ́jú nílé, ẹ wá kafé tó ní jẹnẹrétọ̀, irú àwọn tó wà nítòsí Sáúsì Gééti FUTA. Ẹ má sì ṣe é láàárọ̀ tí ẹ ti náìtì dé. Oorun ni máàkì ọjọ́ yẹn máa wọ̀n, kì í ṣe ìmọ̀ yín.

Ẹ fi odindi ìbéèrè àtijọ́ kan pa mọ́ tí ẹ ò tíì fojú kàn, fún ọjọ́ 25. Èyí tí ẹ ti rí tẹ́lẹ̀, ìrántí ló máa ń gbé máàkì rẹ̀ ga, a sì máa tan èèyàn. Ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé kékeré tí wọ́n ń tà kiri náà kì í fi gbogbo ìgbà tọ̀nà, nítorí náà, tí ìdáhùn yín bá takò ó, inú ìwé ẹ̀kọ́ ni kẹ́ ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ bí àṣìṣe. Látọjọ́ 26, kò sí mọ́ọ̀kì mọ́. Kìkì àwọn ìbéèrè tí ẹ kùnà lẹ́ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ máa tún ṣe.