Kí Ẹ Tó Fi Atọ́ka-h Wọn Ènìyàn, Ẹ Ṣí Ohun Tó Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò wa, gbogbo ìgbà tí fọ́ọ̀mù ìgbéga bá ti jáde ni ariwo yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láàrin yín: "Mẹ́jọ ni h-index tèmi, mélòó ni tìẹ?" Atọ́ka-h ni wọ́n ń sọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó ń fi iye àpilẹ̀kọ olùwádìí àti iye ìgbà tí àwọn mìíràn tọ́ka sí wọn wọn iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ní méjìlá á máa rìn bí olóyè, ẹni tó ní mẹ́ta á fajú ro. Àṣìṣe tí àwọn tó ṣáájú yín ṣe náà ni ẹ tún ń ṣe yìí, ó sì ń dùn mí. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ kó síwájú yín.

Èkíní, ẹ fi ọwọ́ ara yín kà á, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego, ló gbé ìṣirò náà jáde ní 2005. Ẹ to àwọn àpilẹ̀kọ láti orí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù dé èyí tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ipò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi kan àpilẹ̀kọ tí ìtọ́kasí rẹ̀ kò tó nọ́ńbà ipò rẹ̀. Ipò tó ṣáájú èyí ni atọ́ka-h. Ká ní olùwádìí kan ní àpilẹ̀kọ mẹ́wàá, tí iye ìtọ́kasí wọn jẹ́ 40, 22, 15, 9, 7, 6, 6, 3, 1 àti 0. Ìkẹfà ní 6, ó tó ipò rẹ̀. Ìkeje náà ní 6, ṣùgbọ́n 6 kò tó 7. Nítorí náà, 6 ni atọ́ka-h rẹ̀.

Ẹ wá wò ó: tí àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ bá fò láti 40 dé 4,000, 6 náà ni nọ́ńbà yẹn á ṣì jẹ́. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2008, George Sheldrick tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú jọ́nà Acta Crystallographica Section A, lórí ìtàn SHELX, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ń wádìí bí átọ́ọ̀mù ṣe tò sínú kírísítálì máa ń lò. Inú àpilẹ̀kọ yẹn gan-an ló ti sọ pé ẹni tó bá lo SHELX lè fi í ṣe ìtọ́kasí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ipa jọ́nà náà, tó jẹ́ ìpíndọ́gba ìtọ́kasí ọdún kan sí ohun tí jọ́nà tẹ̀ ní ọdún méjì tó ṣáájú rẹ̀, fò láti 2.051 fún 2008 sí 49.926 fún 2009. Nígbà tó fi di 2011, ó ti padà sí nǹkan bíi 2. Àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ yòókù sínú jọ́nà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo ló gbé ìpíndọ́gba fò bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹyọ kan péré ni yóò fi kún atọ́ka-h ẹni tó kọ ọ́.

Èkejì, ẹnu ààlà, ibi tí iye ìtọ́kasí ti ń pàdé nọ́ńbà ipò, ni wọ́n ti ń yí i. Ẹ padà sí olùwádìí wa alápilẹ̀kọ mẹ́wàá. Ká ní òun fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí ìkarùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta, sí ìkẹfà lẹ́ẹ̀mẹta, sí ìkeje lẹ́ẹ̀mẹrin. Tí a bá yọ mẹ́wàá yẹn kúrò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á di 4, 3 àti 2. Àpapọ̀ ìtọ́kasí rẹ̀ á sọ̀ láti 109 sí 99, èyí tí kò jọ ẹni lójú. Ṣùgbọ́n atọ́ka-h á já láti 6 sí 4. Ẹni tó bá mọ ibi tí ààlà wà kò nílò ìtọ́kasí púpọ̀ láti gbé nọ́ńbà sókè. Àwọn àpilẹ̀kọ tó kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé nìkan ni yóò máa bomi rin. Kì í ṣe pé ó burú kí èèyàn tọ́ka sí iṣẹ́ ara rẹ̀ o. Ẹni tó ń kọ́ ilé lórí ìpìlẹ̀ tó ti fi lélẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìpìlẹ̀ náà wà. Ohun tí ẹ ó máa wá ni ìtọ́kasí tó dúró sí ààlà nìkan, tí kò sì ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú gbólóhùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó fi hàn wá bí ó ṣe lè burú tó ni Cyril Labbé, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Grenoble ní ilẹ̀ Faransé. Ní 2010, ó dá olùwádìí kan sílẹ̀ tí kò sí láyé, ó sọ ọ́ ní Ike Antkare. Ó lo SCIgen, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ MIT ṣe ní 2005, tó ń hun ọ̀rọ̀ pọ̀ bí àpilẹ̀kọ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà láìní ìtumọ̀ kankan. Ó fi ṣe ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ, gbogbo wọn sì ń tọ́ka sí ara wọn. Ó fi ọ̀kan kún un tó tọ́ka sí iṣẹ́ àwọn olùwádìí gidi, kí Google Scholar, ẹ̀rọ tí Google fi ń wá àpilẹ̀kọ tó sì ń ka ìtọ́kasí, lè rí wọn bí ọmọ ilé. Ó kó gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì dúró. Ẹ ṣírò ó: ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìtọ́kasí. Atọ́ka-h Ike Antkare di 94. Ó ga ju ti Einstein lọ nínú ohun èlò kan náà. Èèyàn kankan kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀ láti kà.

Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ Google Scholar nìkan ni. Ní 2014, ọ̀nà tí Labbé fi ń dá ọ̀rọ̀ SCIgen mọ̀ tú àpilẹ̀kọ tó lé ní 120 síta láàrin ohun tí Springer àti IEEE ti tẹ̀ jáde. Wọ́n ní láti yọ wọ́n kúrò.

Mo ti sọ pé mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n èkejì yìí ni ẹ fi sọ́kàn jù. Tí wọ́n bá fún yín ní orúkọ ẹnì kan láti yẹ̀ wò, ẹ lọ tààrà sí àpilẹ̀kọ mẹ́ta tó wà lókè ààlà àti mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ "Cited by" lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo orúkọ àwọn tó tọ́ka sí i: ṣé orúkọ kan náà, jọ́nà kan náà, oṣù kan náà ni? Ẹ ṣí méjì nínú wọn, kí ẹ ka ìpínrọ̀ tí ìtọ́kasí náà wà. Scopus, ibi ìkójọ ìtọ́kasí mìíràn, ní ibi tí ẹ lè tẹ̀ láti yọ ìtọ́kasí ara ẹni kúrò. Ojú-ìwé Google Scholar kò ní in. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ìgbìmọ̀ tó bá ní òun kò ráyè fún wákàtí kan kò yẹ kó máa pín ipò ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ má sì fi onímọ̀ ìṣirò wé oníṣègùn: àwọn onímọ̀ ìṣirò kò pọ̀ tó àwọn oníṣègùn, ìtọ́kasí díẹ̀ ló sì máa ń wà lẹ́yìn àpilẹ̀kọ wọn.

Ẹ̀kẹta, tó kàn wá ní pàtàkì, ni orúkọ. Orúkọ wa púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Olu-, Ola-, Ade- tàbí Ayo-. Tí jọ́nà bá gé e kù sí "O. A. Adeyemi", ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á sì da iṣẹ́ wọn pọ̀. Obìnrin tó yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó sì lè rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú-ìwé méjì. Ẹ kò sì lè ro wọ́n pọ̀: 6 lójú-ìwé kan àti 5 lójú-ìwé kejì kì í di 11, ẹ gbọ́dọ̀ da àwọn àpilẹ̀kọ pọ̀ kí ẹ tún wọn tò láti òkè. Ẹ gba nọ́ńbà ORCID, tó ń ya olùwádìí kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, kí ẹ tó tẹ àpilẹ̀kọ àkọ́kọ́ jáde, ẹ máa fi orúkọ kíkún kan náà sí gbogbo iṣẹ́ yín, kí ẹ sì pa ètò tó ń fi àpilẹ̀kọ kún ojú-ìwé Google Scholar yín fúnra rẹ̀. Ẹ máa wò ó lóṣooṣù, ẹ máa yọ ti ẹlòmíràn kúrò, kódà bí ìyẹn bá máa dín atọ́ka-h yín kù.